Ẹ bá mi wo ímeèlì tí mo fẹ́ fi ta sọ́fítíwià fún àwọn kẹ́míìsì

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Sọ́fítíwià àkọsílẹ̀ ọjà fún kẹ́míìsì là ń tà, Ìbàdàn la wà. Mo ti fi ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn kẹ́míìsì kan, ẹnì kankan ò fèsì. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ ọ́ sí, mo kàn sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá ni. Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má wojú mi.

> Àkòrí: Àǹfààní ńlá fún ilé-iṣẹ́ yín!!!
>
> Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a lérò pé lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀ àti àlàáfíà. Ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú sọ̀lúṣọ̀n dígítà fún òwò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ìran wa ti jẹ́ láti yí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Inú wa dùn láti kéde pé àwọn ẹ̀ńjíníà wa ti gbé pílátífọ́ọ̀mù tuntun kan jáde, ó wà lórí kíláòdù, ó gbóòrò, ó sì so gbogbo ẹ̀ka òwò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ lè fi détà darí ìpinnu yín. A fi ìwé àlàyé wa mọ́ lẹ́tà yìí. A máa fẹ́ kí a jọ rí àkókò láti jíròrò bí ilé-iṣẹ́ méjèèjì ṣe lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ má lọ́ra láti kàn sí wa nígbàkígbà.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Àbúrò, mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì tíì mọ ohun tẹ́ ẹ ń tà. Tí kì í bá ṣe pé o ti sọ fún wa lókè ni, mo lè rò pé báńkì lò ń kọ ọ́ sí, tàbí ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì. Oògùn ò sí nínú ẹ̀ rárá, ká má tíì wá sọ pẹpẹ tí wọ́n tò ó sí, tàbí ọmọ tó ń dúró ní káńtà.

Mú bírò, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo «a» àti «wa». Méjìlá ni mo kà. Èyí tó ń tọ́ka sí ẹni tó máa ka lẹ́tà náà, tá a bá yọ àkòrí kúrò, márùn-ún péré ni, méjì nínú wọn sì ti lọ sínú ìkíni. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣí lẹ́tà náà ò rí ara ẹ̀ níbẹ̀ àfi nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìlà tó ń sọ pé ẹ jẹ́ ògbóǹtarìgì, kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò lè kọ ọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lánàá náà máa kọ ọ́. Ìlà «ìran wa», ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé-iṣẹ́ ló kàn. Ìlà «inú wa dùn láti kéde», ìdùnnú yín ò tíì kan ẹni tí kò mọ̀ yín. Bí mo ṣe máa ń yẹ lẹ́tà wò ni pé kí n fi ọwọ́ bo gbólóhùn kan, kí n wá bi ara mi pé kí ló sọ nù lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Tí kò bá sí nǹkan tó sọ nù, a yọ ọ́. Gbólóhùn mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ kúrò nínú tìẹ kó o tó dé ibi tí pílátífọ́ọ̀mù wà.

Ṣùgbọ́n ṣá o, má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Tó o bá gé e nísinsìnyí, lẹ́tà kúkúrú tí kò sọ nǹkan kan lo máa ní lọ́wọ́. Dá mi lóhùn ná: láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí ẹni tó ni kẹ́míìsì bá ṣí sọ́fítíwià yín, kí ló máa rí níbẹ̀ tí kò lè rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó ń lò tẹ́lẹ̀?

---

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì Yábàá

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́ ṣùgbọ́n ẹ ti fẹ́ jẹ́ kó gùn jù. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí ímeèlì títa ọjà jẹ́ láyé òde òní. Yọ gbogbo ìkíni kúrò, kò sẹ́ni tó ń ka ìkíni. Fi nọ́ńbà sí i, nọ́ńbà ló máa ń fa ojú, bíi «a ń dín àdánù oògùn kù ní ìdá 40 nínú 100». Lẹ́yìn náà fi líńkì kálẹ́ńdà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n yan àkókò fúnra wọn. Ó parí. Àwa tá à ń ta nǹkan fún àwọn fíńtẹ́ẹ̀kì, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

---

Àǹtí Oníkẹ́míìsì

Mo ní láti dá sí èyí torí èmi gan-an lẹ ń kọ irú lẹ́tà báyìí sí. Mo ní kẹ́míìsì, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, irú ímeèlì yìí ń wọlé sí fóònù mi ṣáá, tí mo bá ti rí «àǹfààní ńlá» pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta, mi ò ní ṣí i, torí bí àwọn oní 419 ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ìwé tẹ́ ẹ so mọ́ ọn náà, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ̀ yín, kí ni mo fẹ́ máa ṣí fáìlì yín fún lórí fóònù tí mo fi ń wọ báńkì?

Ẹ wá jẹ́ kí n dá Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì lóhùn. Ẹ má yọ ìkíni kúrò pátápátá o. Ẹni tó bá já lu mi láìkí mi, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọjà ẹ̀, lójú tèmi kò lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó sì lè jẹ́ ọmọ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ kí mi bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn. «Ẹ káàárọ̀ mà» ti tó. «A lérò pé lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀ àti àlàáfíà», ìyẹn kì í ṣe ìkíni, ìwé ni wọ́n ti dà á kọ.

Ìdá 40 yẹn náà, ta ló kà á? Kẹ́míìsì tèmi lẹ ti kà á? Tí mo bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ohun tó kù nínú lẹ́tà náà mi ò ní gbà á gbọ́ mọ́.

---

Ọmọ Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Ohun tí sọ́fítíwià náà ń ṣe nìyí. Tí ọjà bá dé, wọ́n máa fi fóònù ya báákóòdù ẹ̀, wọ́n máa tẹ nọ́ńbà bátììṣì àti ọjọ́ tó máa ẹ̀kísípáyà sí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó máa gbé àkọsílẹ̀ jáde tó ní gbogbo oògùn tó ku oṣù mẹ́fà kó bàjẹ́, iye tó wà nílẹ̀, súpùlàyà tó kó o wá. Ó tún máa ń ṣírò owó, ó ń fi ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tà hàn, ó tún lè so ẹ̀ka méjì sí mẹ́ta pọ̀. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo kọ «láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin».

Kẹ́míìsì kan ní Ṣáléńjì ti ń lò ó. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ ka ọjà wọn, a rí oògùn ojú àti kírímù awọ ara tó ti ń sún mọ́ ìgbà tó máa bàjẹ́, lẹ́yìn pẹpẹ, ọ̀gá náà ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Ọlọ́run ló rán ẹ. Wo ìpínrọ̀ kejì tó o kọ yẹn, ohun tẹ́ ẹ ń tà gan-an nìyẹn, o sì gbé e pamọ́ kúrò nínú lẹ́tà. Ibi tí gbogbo «sọ̀lúṣọ̀n» àti «fi détà darí ìpinnu» ti ń wá nìyí: èèyàn ní nǹkan mẹ́rin tó dáa lọ́wọ́, kò fẹ́ fi ọ̀kan sílẹ̀, ló bá wá ọ̀rọ̀ kan tó fẹ̀ tó láti bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ̀ tóyẹn, ẹni tó ń kà á ò ní rí ojú nǹkan kan nínú ẹ̀. Tó o bá kàn ń wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti fi rọ́pò «pílátífọ́ọ̀mù», o ò tíì ṣe nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó o ṣe ni pé kó o yan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ríra.

Èwo lo máa yàn? Bi Àǹtí léèrè. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú àkọsílẹ̀ owó, ṣíṣọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, síso ẹ̀ka pọ̀ àti oògùn tó ń bàjẹ́, èwo ló ń dùn yín jù?

---

Àǹtí Oníkẹ́míìsì

Oògùn tó ń bàjẹ́, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Paracetamol ò lè bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ojoojúmọ́ là ń tà á, oògùn ibà náà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kì í yá tà ló máa ń dunni, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, oògùn tí dókítà kan máa ń kọ fún aláìsàn kan ṣoṣo, tí aláìsàn yẹn wá kó lọ sí ìlú míì. A mọ̀ pé èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ tà, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọjà tuntun bá dé, ọmọ iṣẹ́ tó ń kánjú á tò ó síwájú, ti tẹ́lẹ̀ á wà lẹ́yìn.

Súpùlàyà míì máa ń gbà á padà tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ṣì ku oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, ó wà lọ́wọ́ àdéhùn tẹ́ ẹ bá ṣe. Míì ò ní gbà á rárá. Tó bá ti ẹ̀kísípáyà tán, ọrùn tèmi ló wà. Mi ò lè tà á, mi ò lè gbé e dà sí ààtàn, NAFDAC ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́, tí àwọn tó ń bẹ kẹ́míìsì wò bá sì bá a lórí pẹpẹ mi, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Torí náà tí ẹnì kan bá kọ̀wé sí mi pé «mo lè fi oògùn tó máa bàjẹ́ hàn yín nígbà tí súpùlàyà ṣì lè gbà á», mo máa ka ìyẹn dópin. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé apá tó kan súpùlàyà yẹn o. Kí n mọ̀ pé oògùn máa bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kò ràn mí lọ́wọ́, ó kàn máa bà mí nínú jẹ́ ni.

---

Bàbá Jẹnẹrétọ̀ Ìlọrin

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò ta oògùn o, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni tèmi. Ẹ sọ pé kéèyàn má sọ nípa ilé-iṣẹ́ ẹ̀, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà mi ni iye ọdún tá a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àti àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù wa, àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ẹ̀. Tí wọn ò bá mọ̀ pé ẹni gidi ni ọ́, ta ló fẹ́ fún ẹ ní jẹnẹrétọ̀ ẹ̀? Kí ọmọ yìí fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ sí òkè gàdàgbà. Àti pé níbo lẹ ti ń rí ímeèlì àwọn èèyàn, ẹ fún èmi náà.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Kò sẹ́ni tó ní kó má sọ nípa ilé-iṣẹ́ ẹ̀, ìjà tá à ń jà ni ibi tó yẹ kó wà àti ohun tó yẹ kó sọ. Tiyín dáa torí àdírẹ́ẹ̀sì àti iye ọdún, èèyàn lè dìde lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. «Ògbóǹtarìgì» kò ṣeé lọ wò. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn oníbàárà yín ti mọ ohun tẹ́ ẹ ń tà kí wọ́n tó ka lẹ́tà yín, torí jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́ ò nílò àlàyé. Lọ́dọ̀ ọmọ yìí, ẹni tó ń kà á ò tíì mọ̀ pé òun ní nǹkan tó fẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn pẹpẹ.

Torí náà ìsàlẹ̀ ni mo máa fi tiẹ̀ sí, lábẹ́ orúkọ ẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́, àdúgbò tí ọ́fíìsì wà, nọ́ńbà tí CAC fún wọn, nọ́ńbà fóònù tí èèyàn gidi máa gbé. Ìlà méjì. Bí Àǹtí ṣe sọ̀rọ̀ 419 yẹn, àwọn nǹkan yìí ò gbọ́dọ̀ sí lára ohun tá a máa gé. Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì, lọ́dọ̀ yín ní Yábàá ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀ torí àwọn tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí máa ń wá yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ oníkẹ́míìsì ò ráyè ìyẹn.

Níbi tẹ́ ẹ ti ń rí ímeèlì, Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí èyí ná.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó o béèrè lọ́wọ́ wọn, torí ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà náà ti kú. Tó o bá tún gbogbo ohun tá a ti sọ ṣe tán, tó o wá fi «ẹ má lọ́ra láti kàn sí wa nígbàkígbà» parí ẹ̀, wọn ò tún ní fèsì.

Wò ó báyìí. «A máa fẹ́ kí a jọ rí àkókò láti jíròrò». Ìgbà wo? Níbo? Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ta ló máa pe ta ni? Kí ni oníkẹ́míìsì máa rí mú kúrò níbẹ̀? Gbogbo iṣẹ́ yẹn lo kó lé ẹni tó ń kà á lórí, ẹni tó dúró ní káńtà, tí oníbàárà mẹ́ta ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní sọ pé òun ò fẹ́. Ó kàn máa sọ pé òun á padà wá sídìí ẹ̀ ni, kò sì ní padà wá. «Nígbàkígbà» wá burú jù, torí nǹkan tó ṣeé ṣe nígbàkígbà, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òní.

Àwọn tó ń kọ irú ìparí yìí, ohun tí mo rí lára wọn ni pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀ fún àwọn. Wọ́n á fi ìbéèrè sílẹ̀ láìní orí láìní ìdí, kó má bàa sí «rárá». Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí èèyàn ò lè dáhùn pẹ̀lú «rárá», kò lè dáhùn ẹ̀ pẹ̀lú «bẹ́ẹ̀ ni» náà. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ fúnra mi kí n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Tí ìdáhùn tí mò ń retí bá ju ọ̀rọ̀ méjì tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò kan tẹ̀ lọ, ìbéèrè mi ṣì wúwo jù.

Ìkejì, ó béèrè nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: kí wọ́n ka ìwé àlàyé, kí wọ́n wá àyè ìjíròrò, kí wọ́n tún kàn sí yín. Mú ọ̀kan.

Ìkẹta, lílọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún wọn ní nǹkan bí wọn ò tiẹ̀ rà á. Ohun tó o ṣe ní Ṣáléńjì yẹn ló máa ṣe é fún ẹ. Má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wo sọ́fítíwià. Sọ pé o fẹ́ wá ka pẹpẹ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ wọn, kó o sì fi àkọsílẹ̀ ohun tó máa bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ra sọ́fítíwià o, wọn ò rà á o, ìwé yẹn ti di tiwọn, wọ́n lè gbé e lọ bá súpùlàyà wọn.

---

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì Yábàá

Bọ̀dá mi, mo gbọ́ ti Àǹtí lórí nọ́ńbà, mo gbà, nọ́ńbà tí èèyàn ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kó má fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lílọ ka pẹpẹ yìí, kẹ́míìsì mélòó lèèyàn kan fẹ́ lọ kà lọ́sẹ̀? Owó epo ńkọ́? Tó bá fẹ́ tà á dé Àkúrẹ́ àti Oṣogbo ńkọ́? Ìdí tá a fi ń lo kálẹ́ńdà nìyẹn. Mo tún gbọ́ pé ó dáa kéèyàn kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà kan wọ́n, bíi «ṣé oògùn tó ń bàjẹ́ jẹ́ ìṣòro lọ́dọ̀ yín?», láì tíì dá ọjọ́ kankan.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Èyí tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn dáa, mi ò ní jà sí i. Ìbéèrè «ṣé ó kàn yín» fúyẹ́, ó rọrùn láti dáhùn. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ níbi tí mò ń tà á fún ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ẹni tó ń kà á kì í ṣe ẹni tó máa sanwó. Lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mò ń bẹ̀rù pé á wò ó pé ta ni ò mọ̀ pé ìṣòro ni, kí lo wá fẹ́ ṣe sí i. Bóyá kí ọmọ yìí fi méjèèjì dán an wò, ìdajì fún èyí, ìdajì fún ìyẹn, ká wo èyí tí wọ́n máa fèsì sí.

Ti owó epo, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan. Kó mú àdúgbò kan, Bódìjà fún àpẹẹrẹ, kó kọ̀wé sí ìwọ̀nba kẹ́míìsì tó lè lọ bá lọ́sẹ̀ kan náà. Ti Àkúrẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò pẹpẹ kan ránṣẹ́ ní wọ́sáàpù, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní dáa tó o, torí ọjọ́ ẹ̀kísípáyà kì í sábà hàn nínú fọ́tò, ó máa ń wà lẹ́yìn páálí tàbí ní ìdí ìgò.

---

Ará Pẹ́kàmù

Mo ń kà á láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má gbàgbé líńkì tí èèyàn fi ń yọ orúkọ ara ẹ̀ kúrò o. Òfin ni, Gmail gan-an ti sọ ọ́ láti 2024 pé lẹ́tà tí kò bá ní in kò ní wọlé.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Ìdajì ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ti Gmail tó bẹ̀rẹ̀ ní Fẹ́búárì 2024, àwọn tó ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́ ni wọ́n ní kó ní bọ́tìnnì ìyọra-ẹni. Ẹni tó ń kọ ìwọ̀nba lẹ́tà fún Bódìjà kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n òfin dídáàbò bo détà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi détà òun polówó ọjà fún òun. Torí náà kó kọ ìlà kan ní ìsàlẹ̀ pé tí wọn ò bá fẹ́, kí wọ́n sọ, kó sì pa orúkọ wọn rẹ́ lóòótọ́.

---

Ọmọ Mọ́níyà

Mo ti tún un kọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wò ó.

> Àkòrí: Oògùn tó máa bàjẹ́ lẹ́yìn pẹpẹ
>
> Ẹ káàárọ̀ mà. Oògùn tí kì í yá tà, bí èyí tí wọ́n ń kán sójú, sábà máa ń wà lẹ́yìn pẹpẹ títí súpùlàyà ò fi ní gbà á padà mọ́. Sọ́fítíwià wa máa ń fi orúkọ wọn hàn yín láràárọ̀ Mọ́ńdè nígbà tó ṣì ku oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú iye tó wà nílẹ̀ àti súpùlàyà tó kó wọn wá. Kẹ́míìsì kan ní Ṣáléńjì ń lò ó.
>
> Ṣé mo lè wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Bódìjà láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí, kí n ka pẹpẹ kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ yín, kí n sì fi àkọsílẹ̀ ohun tó máa bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún yín? Ẹ ò ní san nǹkan kan. Tó bá dáa bẹ́ẹ̀, ẹ kọ «ẹ wá». Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí n kọ̀wé mọ́, ẹ kọ «rárá», mi ò sì ní kọ mọ́.
>
> Orúkọ mi, orúkọ ilé-iṣẹ́, Mọ́níyà, Ìbàdàn, nọ́ńbà CAC, nọ́ńbà fóònù

---

Àǹtí Oníkẹ́míìsì

Ó ti yàtọ̀ gan-an, ẹ kú iṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni mo ní. Àárọ̀ Mọ́ńdè, rárá o, ìgbà yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù, àwọn tí ara wọn ò yá láti ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá. Ẹ sọ pé Tuesday tàbí Wednesday, láàárín aago méjì sí mẹ́rin. Èkejì, ẹ sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Tẹ́ ẹ bá ní ìṣẹ́jú 40, mo lè fi ọmọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún yín, tẹ́ ẹ ò bá sọ, ẹ̀rù á máa bà mí pé ilẹ̀ á ṣú. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè lọ́wọ́ oní-Ṣáléńjì bóyá ẹ lè dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. A mọ ara wa nínú iṣẹ́ yìí, tó bá gbà, mo máa pè é kí n tó dá yín lóhùn. Tí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Èmi ì bá tún fẹ́ rí iye owó ẹ̀ níbẹ̀. Tí mi ò bá rí owó, ọkàn mi máa ń sọ pé ó ti wọ́n.

---

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì Yábàá

Níbi owó yìí mi ò gbà pẹ̀lú yín mà, ẹ má bínú. Tó bá fi owó síbẹ̀, wọ́n á wo owó nìkan kí wọ́n tó rí oògùn tó fẹ́ bàjẹ́. Kó jẹ́ ọjọ́ tó bá kà á tán ni kó sọ ọ́.

---

Ẹ̀gbọ́n Sélìsì

Lórí owó, mo ti rí méjèèjì tó dáa, mo ti rí méjèèjì tó bàjẹ́, mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí owó oṣù kan bá kéré sí ohun tí kẹ́míìsì ń pàdánù lórí ìgò oògùn ojú mélòó kan, èmi máa kọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iye ẹ̀ka ṣe pọ̀ tó, mo máa fi í sílẹ̀.

Ọmọ Mọ́níyà, ohun tó kù lójú tèmi ni àkòrí. Lórí fóònù, àkòrí àti díẹ̀ nínú ìlà àkọ́kọ́ ni wọ́n máa rí kí wọ́n tó ṣí i. «Oògùn tó máa bàjẹ́ lẹ́yìn pẹpẹ» lè dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n lè rò pé ẹnì kan fẹ́ fẹjọ́ wọn sun ni. Fi orúkọ àdúgbò wọn síbẹ̀ kó hàn pé àwọn gan-an lò ń bá sọ̀rọ̀, kó o sì sọ iṣẹ́ tó o fẹ́ ṣe: «Kíka pẹpẹ kan fún yín ní Bódìjà, Tuesday». «Ẹ káàárọ̀ mà» kúrú, á ṣì ku àyè fún oògùn tí kì í yá tà láti hàn lẹ́yìn ẹ̀. Tí ọkùnrin bá ni ṣọ́ọ̀bù, má gbàgbé láti yí «mà» padà, torí mo mọ̀ pé o máa dà á kọ látorí èyí tó ṣáájú.

---

Ọmọ Mọ́níyà

Mo ti yí i padà sí Tuesday, aago méjì, ìṣẹ́jú 40. Oní-Ṣáléńjì ní kí n dúró kí òun bá ìyàwó òun sọ ọ́ ná kí n tó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Mo máa fi èyí tí kò ní owó ránṣẹ́ sí ìdajì, èyí tó ní owó sí ìdajì, ti «ṣé ó kàn yín» yẹn á dúró di àdúgbò tó kàn. Bàbá Jẹnẹrétọ̀, ara pátákó ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti kọ ímeèlì àwọn ti Bódìjà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín sà.